Etí tó ń ṣọyún, etí tó ṣàdéédé di: ohun tó ṣeé ṣe nílé àti èyí tí kò ṣeé ṣe

Ọmọ tí ọ̀fìnkìn ń bá jà máa ń ké lóru, yóò máa fa etí rẹ̀ kan. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọyún ti rin ìrọ̀rí, ẹkún sì ti dáwọ́ dúró. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń ṣìnà, wọ́n á ní ó ti ń sàn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ihò tóóró kan wà láti ẹ̀yìn imú lọ sí ẹ̀yìn awọ etí, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó nà bí awọ ìlù nínú etí lọ́hùn-ún. Ihò yìí kúrú lára ọmọdé, kò sì dagun tó ti àgbà, ìdí nìyẹn tí àrùn ọ̀fìnkìn fi ń tètè gba ibẹ̀ dé etí wọn. Ọyún á kún ẹ̀yìn awọ náà, á máa tì í, òun ló ń dun ọmọ. Nígbà tí awọ bá bẹ́, ọyún á rí ọ̀nà jáde, ìrora á sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n àrùn ṣì wà níbẹ̀, awọ etí sì ti lu.

Nítorí awọ tó lu yẹn la ṣe ń bẹ̀ yín pé kí ẹ má da nǹkankan sí etí tó ń ṣọyún. Àdí, òróró, omi ọmú, ìtọ̀, kẹrosíìnì, omi bátìrì, gbogbo wọn ló máa gba ojú ihò náà wọlé lọ sí ibi tí egungun kéékèèké tí a fi ń gbọ́ràn wà. Ẹ má sì tú kápúsù kí ẹ da ìyẹ̀fun rẹ̀ síbẹ̀. Yóò pò mọ́ ọyún, yóò dì, kò sì ní jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ wo etí rí inú rẹ̀. Ìyẹ́ adìẹ àti igi olówùú tí wọ́n ń tà nínú ike pàápàá, inú ni wọ́n ń ti ìdọ̀tí sí.

Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín nílé ni kí ẹ máa gbẹ etí náà. Aṣọ òwú funfun tó ti gbó, tó sì ń fa omi dáadáa, ló dára jù. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 10, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ sì lọ̀ ọ́. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí ìwọ̀n ìka ọwọ́ mẹ́ta ní ìbú àti ní gígùn. Ẹ fọwọ́ yín pẹ̀lú ọṣẹ. Ẹ mú igun aṣọ kan, ẹ lọ́ ọ títí yóò fi ṣe ṣóńṣó, kó le díẹ̀ bí òwú fìtílà. Ẹ má fi igi sí i nínú.

Ẹ gbé ọmọ lé itan, kí ẹnìkejì di orí rẹ̀ mú. Bí ọmọ kò bá tíì pé ọdún 3, ẹ rọra fa etí rẹ̀ sísàlẹ̀ àti sẹ́yìn. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fà á sókè àti sẹ́yìn, kí ọ̀nà etí lè tọ́. Ẹ ti ṣóńṣó aṣọ náà bọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú kan, ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Ẹ fi òmíràn tó mọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí èyí tí ẹ yọ kẹ́yìn yóò fi gbẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ẹ má fi aṣọ sílẹ̀ nínú etí kí ọmọ sùn, nítorí ṣe ló máa sé ọyún mọ́lé.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ ọdún 4 kan tó wọn kìlógíráàmù 16. Ọjọ́ Ajé ni etí rẹ̀ bẹ́. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré àdúgbò lọ́jọ́ náà, wọ́n tan iná wo etí, wọ́n sì fún un ní oògùn amọ́kísílìn tó máa lò fún ọjọ́ 5. Fún ibà àti ìrora, pàrásítámọ̀ olómi ni. Èyí tí wọ́n kọ 120 mg nínú 5 ml sí ara ìgò rẹ̀, 10 ml lọmọ yìí ń mu nígbà kan, kí wákàtí 6 sì wà láàárín ìgbà kan sí èkejì. Ọjọ́ kìíní, aṣọ márùn-ún ló lọ kí etí tó gbẹ. Lọ́jọ́ kẹrin, ẹyọ kan péré. Tí wọ́n bá ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi òwú tí wọ́n fi fasilíìnì ra dí ẹnu etí, wọ́n á sì yọ ọ́ tí ìwẹ̀ bá parí. Kò gbọ́dọ̀ wẹ odò. Nígbà tó parí oògùn, wọ́n tún gbé e padà kí wọ́n lè wo etí náà.

Ká ní ọyún yẹn ti ń jáde fún ọjọ́ 14 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Amọ́kísílìn kì í sábà ran irú etí bẹ́ẹ̀ mọ́. Oògùn kíkán sí etí, irú èyí tí wọ́n ń pè ní sípírò, ló máa ń ràn án, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi aṣọ gbẹ ẹ́. Ẹ má kàn ra oògùn etí tí wọ́n bá nà sí yín ní ṣọ́ọ̀bù. Jẹntamáísìn wà lára wọn, bí ó bá sì gba awọ tó lu kọjá, ó lè ba etí inú jẹ́.

Àwọn àmì kan wà tí kò gba kí ẹ dúró rárá. Bí ẹ̀yìn etí bá wú, tó ń dùn ún tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, tí etí sì ń yọ síwájú, àrùn ti wọ egungun. Bí ẹnu bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ọrùn bá le, bí orí bá ń fọ́ ẹni gidigidi tó sì ń bì, bí òyì bá ń kọ́ ọ, ilé ìwòsàn ńlá ni kẹ́ ẹ forí lé lọ́jọ́ náà. Etí tó ń rùn, tí ọyún rẹ̀ ń lọ tó ń bọ̀ láti ọdún dé ọdún, kì í ṣe ohun tó ṣeé fi mọ́ra: awọ ara lè máa hù níbi tí kò yẹ nínú etí, kó máa jẹ egungun díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ abẹ nìyẹn.

Ní ti àgbàlagbà tó jí láàárọ̀ tí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ràn mọ́, tí kò sì dùn ún, tí kò ṣọyún, ohun tí ẹnu máa ń sọ ni pé ibà ni, tàbí pé ìdọ̀tí ló dí i. Ó lè jẹ́ ìdọ̀tí lóòótọ́. Kí ó pa ẹnu dé, kí ó kùn "ùmmm" gígùn, kí ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ibi tí ìró náà wà. Bí ó bá rinlẹ̀ sí inú etí tó di, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé nǹkan ló dí ọ̀nà. Bí ó bá lọ sí etí tó dára, iṣan etí ló ṣeé ṣe kó ní wàhálà. Ìdánwò yìí kò tó láti fi gbẹ́kẹ̀ lé. Ó kàn ń jẹ́ kẹ́ ẹ mọ bó ti kánjú tó ni.

Tó bá jẹ́ iṣan, ẹ má dúró dọjọ́ ọjà tàbí ìparí ọ̀sẹ̀. Oògùn wà tó ń mú kí wíwú inú etí rọlẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ ló sì ń ṣiṣẹ́ jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, agbára rẹ̀ ti dín kù púpọ̀. Dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló ń fúnni. Ẹni tó wà l'Ógbómọ̀ṣọ́ lè kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Ládòkè Akíntọ́lá. Bí wọ́n bá dárí rẹ̀ sí Ìbàdàn, Yúsíéèṣì ni. Ẹ sọ ọjọ́ àti wákàtí tí etí dí fún dókítà, bóyá etí ń hó, bóyá òyì ń kọ́ ọ. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti ń lò lọ, pàápàá bí ẹnikẹ́ni bá ti gún yín ní abẹ́rẹ́ jẹntamáísìn tàbí sitirẹpitomáísìn, tàbí tí ẹ bá ń lo kuníìnì.