Ìdí tí 37.5% kò fi bá àtẹ mi mu

Nínú àbájáde ìwádìí tí mo ṣe láàárín àwọn aláró Òṣogbo, mo kọ ọ́ pé 37.5% ṣì ń lo ẹ̀lú, ṣùgbọ́n 45 nínú 112 ni àtẹ fi hàn, èyí tí í ṣe 40.2%. Mo tún fọ́ọ̀mù kà lẹ́ẹ̀mejì. Pàbó ló já sí.

Ìgbà tí mo ṣírò padà sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ yanjú. Mo fi 0.375 pín 45, ó fún mi ní 120, iye gbogbo ẹni tí mo fún ní fọ́ọ̀mù: àwọn mẹ́jọ kò dáhùn ìbéèrè náà, àtẹ yọ wọ́n, ìpínrọ̀ mi kò yọ wọ́n. Mo wá kọ "45 nínú 112 (40.2%)".

Bí iye bá kéré, ọ̀nà yìí kò dájú: 3 tí a pè ní 3%, nígbà tí a bá kọ ìdá náà sí odindi tó sún mọ́ ọn jù, lè jẹ́ nínú 86, ó sì lè jẹ́ nínú 119.