Àṣìṣe táwa ọmọ máa ń ṣe tá a bá ń pín owó ìtọ́jú òbí, tẹ́nì kan sì wà lókè òkun

Ẹ jẹ́ n fi tiwa ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀dọ̀ mi ní Kubwa níbí l'Abuja ni Màámi ń gbé, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà. Bọ̀dá mi wà ní ìlú ọba, àwọn arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀, àbúrò wa ọkùnrin sì ń ṣe tíṣà ní Kaduna. Ọdún méjì gbáko la fi ń bára wa jà lórí owó yìí.

Ibi tá a ti kọ́kọ́ ṣì í ni pé owó òògùn nìkan la máa ń kà. Bọ̀dá á bi mí pé èló ni òògùn, màá ní 85,000, wọ́n á fi ránṣẹ́, wọ́n á rò pé ó ti parí, èmi náà á sì máa di kùnrùngbùn sínú. Ẹ sì wò ó o, ínsúlíìnì tẹ́ ò tíì ṣí, inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, tó bá sì dì bíi yìnyín ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Èyí tẹ́ ẹ ti ṣí lè wà níta fún bí ọjọ́ 28, àmọ́ kì í ṣe nínú ooru oṣù kẹta l'Abuja níbí tí òrùlé ń jó bí ààrò, èmi tiẹ̀ máa ń gbé e sínú ìkòkò amọ̀ tómi wà lára ẹ̀. Torí náà owó tí mo fi ń ra iná sí mítà, owó ìtọ́jú ni, kì í ṣe owó fàájì. Ìgbà tá a jókòó kọ ọ́ sílẹ̀ la rí i: òògùn àti ínsúlíìnì 85,000, sítírípù tá a fi ń wo ṣúgà 20,000, dókítà pẹ̀lú owó kẹ̀kẹ́ 25,000, iná 20,000. 150,000 lóṣù.

Àṣìṣe kejì ni bá a ṣe fẹ́ pín in. Àbúrò mi ní ká pín in dọ́gba, 50,000 ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò tó oṣù méjì tí òun gan-an ò gbé fóònù mọ́. Èmi ní tèmi ní ẹni tó ń gba páùn ni kó san gbogbo ẹ̀, bíi pé wọn kì í sanwó ilé lọ́hùn-ún. Ohun tá a padà ṣe ni pé kálukú yọ owó ilé, oúnjẹ, owó ọkọ̀ àti ilé ìwé ọmọ kúrò nínú owó oṣù ẹ̀, iye tó ṣẹ́kù la fi pín in. Ti Bọ̀dá ku páùn 150, a ṣírò páùn kan sí náírà 2,000, ìyẹn 300,000. Ti àbúrò mi ku 120,000, tèmi 80,000, gbogbo ẹ̀ 500,000. Nínú 100 náírà, Bọ̀dá á san 60, àbúrò mi 24, èmi 16. Ó já sí 90,000, 36,000 àti 24,000.

Ṣùgbọ́n ta ló ń dìde lóru tí ṣúgà Màámi bá já wálẹ̀ tí wọ́n ń làágùn tí wọ́n ń gbọ̀n? Èmi náà ni. Ká ní a gba ẹni tó máa tọ́jú wọn ni, 60,000 ni wọ́n ń gbà ládùúgbò wa. Torí náà wọ́n gbà pé mo ti san 24,000 tèmi, àwọn méjèèjì pín in: Bọ̀dá 107,000, àbúrò mi 43,000. Àbúrò mi kọ́kọ́ ráhùn o, mo ní kó wá sun ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ Màámi, ó sùn ọjọ́ mẹ́rin, ó sanwó. Náírà la sì fi ṣàdéhùn, torí náírà ni wọ́n ń gbà ní ilé òògùn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta la ń tún un wò.

Èyí tó burú jù ni pé a ò ní owó kankan nílẹ̀ fún òjijì. Lóru ọjọ́ kan Màámi dákú, ọsibítù kan ní a gbọ́dọ̀ san dìpọ́síìtì kí wọ́n tó fún wọn ní bẹ́ẹ̀dì, Bọ̀dá wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́, fóònù wọn wà nínú lọ́kà, ọwọ́ aládùúgbò mi kan tó jẹ́ Haúsá ni mo ti yá owó. Ní báyìí 300,000 wà ní àkáǹtì ọ̀tọ̀ tí wọn kì í fi ra nǹkan mìíràn, tá a bá yọ nínú ẹ̀, a ó fi ìṣirò kan náà dá a padà.

Ti rìsíìtì, mi ò ní sọ púpọ̀. Bọ̀dá ń sanwó òògùn tààrà sí àkáǹtì ilé òògùn, èyí tó kù ni mo ń ya fọ́tò ẹ̀ sí gúrúùpù wa. Oṣù tó kọjá wọ́n rí i pé mo ra páálí sítírípù méjì, wọ́n pè mí pé kí ló dé. Mo ní ẹ bi Màámi, àwọn ni wọ́n gbé ọ̀kan fún ọ̀rẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì.