Bí a ṣe lè to iṣẹ́ àròpọ̀ ìdá

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní àròpọ̀ ìdá, ẹ kọ́kọ́ kọ àṣìṣe yìí, 1/2 + 1/3 = 2/5, sójú pátákó, kí ẹ sì bi wọ́n bí a ṣe lè fi kún ìdajì búrẹ́dì kó wá kéré sí ìdajì. Lẹ́yìn náà, ẹ jọ ṣe 1/4 + 1/3. Ibí ni kí ẹ ti pẹ́ jù, títí ọmọ tí kì í sábà nawọ́ yóò fi lè ṣàlàyé ìdí tí a fi lo 12. Iṣẹ́ àdáṣe mẹ́rin ti tó. Kí ẹ tó parí, kí oníkálukú ṣe 1/2 + 1/5 sórí ìwé pélébé: ẹni tó bá kọ 2/7 ṣì ń ro nọ́ńbà ìsàlẹ̀ pọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la.