Má fi orúkọ fóònù mọ̀ bóyá ó ní NFC

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé èèyàn á gbọ́ pé irú fóònù kan ní NFC, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kéèyàn lè fi fóònù kan ẹ̀rọ ìgbowó láti sanwó, á rí orúkọ yẹn lára páálí, á sì sanwó. Orúkọ ò tó. Redmi Note 8 tó jáde ní 2019 kò ní NFC; Redmi Note 8T ló ní in. T kan ṣoṣo ló yà wọ́n. Ti Samsung tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: Galaxy A12 tí wọ́n tà ní orílẹ̀-èdè kan lè ní in, kí èyí tí wọ́n tà ní òmíràn má ní, orúkọ kan náà ló sì ń jẹ́.

Fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ gan-an ni kó o yẹ̀ wò. Lórí Android, ṣí Settings kó o sì wá NFC níbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà tó ní adb bá wà nítòsí, tan USB debugging lórí fóònù náà, fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó o sì tẹ èyí:

```
adb shell "pm list features | grep nfc"
```

Ìlà `android.hardware.nfc` ń sọ pé NFC wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n `android.hardware.nfc.hce` ni kó o wá, torí òun ló ń jẹ́ kí fóònù ṣe bíi káàdì níwájú ẹ̀rọ ìgbowó.

Àṣìṣe kejì ló dùn mí jù, nítorí ó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rẹ́ mi. Ó fẹ́ ra fóònù àlòkù, ó gbé káàdì báńkì rẹ̀ lé ẹ̀yìn rẹ̀, fóònù náà dún, inú rẹ̀ dùn, ó rà á. Nígbà tó fẹ́ fi sanwó, kò ṣiṣẹ́. Pé fóònù ń ka káàdì fi hàn pé áńtẹ́nà rẹ̀ dáa, kò fi hàn pé ó lè sanwó. A ṣí Google Wallet, áàpù tí wọ́n fi ń sanwó, a wo Tap to pay setup, ó ní fóònù náà kò kún ojú ìwọ̀n ààbò. Ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ ti ṣí bootloader rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ téèyàn bá tan fóònù. Àmì rẹ̀ ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀: gbogbo ìgbà tó bá ń tan fóònù náà, ìkìlọ̀ kan máa ń kọ́kọ́ hàn. Nítorí náà, kó o tó sanwó fún àlòkù, pa á, tún un tàn, kó o sì wo Tap to pay setup lójú ẹni tó ń tà á.

Má rò pé fóònù tó ń gba iná láìlo wáyà ti ní NFC nìyẹn. Wáyà ọ̀tọ̀ ló ń ṣe ìyẹn.

Bí ohun gbogbo bá pé, tí ìsanwó ṣì ń kọ̀, wo ibi tó o fi kan ẹ̀rọ náà. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 4 péré ni NFC ń dé. Òkè ni áńtẹ́nà iPhone wà. Lára ọ̀pọ̀ Android, ó wà nítòsí kámẹ́rà tàbí ní àárín ẹ̀yìn. Bọ́ àpò onírin kúrò lára rẹ̀, kó o rọra sún un kiri lójú ẹ̀rọ náà títí á fi dún.