Bí mo ṣe yẹ oníbèérè sólà kan wò lórí fóònù kí n tó gbéra lọ sí Akóbọ̀

Sólà ni mò ń tà, èmi náà ni mo sì ń lọ so ó mọ́lé fún àwọn oníbàárà. Mókọ́lá ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, n'Ìbàdàn. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí owó iná àwọn tó wà ní Báàǹdì Éè sì fò sókè sí 225 náírà fún yúnìtì kan ní oṣù kẹrin 2024, fóònù mi kì í sinmi. Ìbéèrè kan náà ló sì máa ń wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Ẹnjiníà, èló ni fáìfù kéfíéè?"

Kò sí bí mo ṣe lè dáhùn ìyẹn dáadáa láì lọ wo ilé, láì ka gbogbo ohun tó ń jẹ iná níbẹ̀, láì gun òrùlé, kí n tó padà wá ṣírò, kí n sì kọ ìwé iye owó. Ọjọ́ kan gbáko ti lọ nìyẹn, ká má tíì sọ ti epo mọ́tò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń pè kò ní ra nǹkan kan lọ́dún yìí. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo nǹkan mẹ́rin lára oníbèérè kí n tó gbéra: ṣé owó wà, ta ló láṣẹ láti ná an, kí ni wọ́n fẹ́ fi iná ọ̀hún ṣe gan-an, ìgbà wo ni wọ́n sì fẹ́ ẹ. Wọ́n ní àwọn tó ń tajà fún IBM ní Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ to mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ báyìí, owó ni wọ́n sì fi ṣíwájú. Bí mo bá fi owó ṣíwájú níbí, ìpè á parí síbẹ̀. Ta ni yóò sọ iye tó wà lápò rẹ̀ fún ẹni tí kò rí rí?

Ní oṣù kẹfà, akápò ilé-ìwé aládàáni kan ní Akóbọ̀ pè mí. Àgbà obìnrin ni, ohùn rẹ̀ sì fi hàn pé ó ti pe àwọn mìíràn ṣáájú mi. Ó ní òun fẹ́ sólà "tó lágbára", pẹ̀lú bátìrì ńlá méjì bíi ti ilé pásítọ̀ wọn, kí n wá wò ó lọ́la.

Mo ní, "Ẹ ṣé gan-an ni mà. Kí ló ṣẹlẹ̀ tẹ́ ẹ fi ní kẹ́ ẹ pe onísólà lọ́sẹ̀ yìí?"

Mo fẹ́ràn ìbéèrè yìí. Ẹni tí kò bá ní ìdí kan pàtó á ní òun kàn fẹ́ mọ iye rẹ̀ ni. Akápò yìí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Jẹnẹrétọ̀ wa ni, Ẹnjiníà. Dísù fẹ́ jẹ wá tán."

Mo bi í pé lítà mélòó ló ń mu lóòjọ́. Ó ní ó tó ogún, pé ọjọ́ mìíràn ó ń lé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí owó rẹ̀, nítorí náà kò ronú kó tó dáhùn. Ní 1,100 náírà tí wọ́n ń ra lítà kan nígbà náà, ọgọ́rùn-ún lítà lọ́sẹ̀ jẹ́ 110,000 náírà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá ni tẹ́ẹ̀mù kan, ó sì jẹ́ 1,430,000. Tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta lọ́dún, mílíọ̀nù mẹ́rin àti díẹ̀. Mo ka á sí i létí lórí fóònù, òun náà sì ń tẹ kakuletọ tirẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ró. Owó tí wọ́n ń jó lọ́dọọdún nìyẹn. Ó ti jẹ́ kí n mọ ohun tí agbára wọn lè ká, bẹ́ẹ̀ n kò tíì béèrè iye tí wọ́n ní.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wọ inú ìlò. Mo ní kó fi ojú inú rin ilé-ìwé náà ká fún mi, kíláàsì dé kíláàsì. Fáànù márùndínláàádọ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ nǹkan bí 70 wáàtì. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ogún nínú yàrá kọ̀ǹpútà, 65 wáàtì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gílóòbù bí àádọ́ta. Àpapọ̀ wọn kò tó kílówáàtì márùn-ún. Ẹ̀rọ tó ń fa omi wà níbẹ̀, ó ní agbára ẹṣin méjì, ẹ̀rọ àdàkọ náà sì wà ní ọ́fíìsì. Mo wá bi í pé, "Aago mélòó lẹ ń tan jẹnẹrétọ̀, aago mélòó lẹ ń pa á?" Ó ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago méjì ààbọ̀.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ bátìrì méjì ti yí padà. Pásítọ̀ ń lo iná tirẹ̀ lálẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò kó iná ọ̀sán pa mọ́ sí. Oòrùn ti wà lókè kí ilé-ìwé tó wọlé, wọ́n sì ti jáde kó tó wọ̀. Ohun tí wọ́n nílò jù ni pánẹ́ẹ̀lì, kí bátìrì kan sì wà tí yóò gbà á mú bí ìkùukùu bá bo oòrùn, tí yóò sì tan gílóòbù àwọn ọdẹ lálẹ́. Bátìrì ló sì wọ́n jù nínú gbogbo ẹrù yìí. Ká ní mo ti sáré kọ ìwé iye owó sí ohun tó fẹnu sọ ni, owó náà ìbá dẹ́rù bà wọ́n fún ohun tí wọn kò lò.

Ó kù sí ọ̀dọ̀ ẹni tó láṣẹ. Èèyàn kì í bi akápò pé "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa pinnu ẹ̀?" Bó bá ní rárá, ojú á tì í. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe kó máa purọ́. Ohun tí mo béèrè ni pé, "Bí mo bá fi ìwé ránṣẹ́, ta ni yóò kọ́kọ́ kà á? Lẹ́yìn onítọ̀hún, ta ló tún kù?"

"Mọ́mì ni, ìyẹn olùdásílẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n Mọ́mì ò ní ṣe ohun tó bá ju mílíọ̀nù kan lọ láì bá Bùọ̀dá tó wà ní Houston sọ̀rọ̀."

Bùọ̀dá! Bí mo bá gun òrùlé ilé-ìwé yìí lẹ́ẹ̀mejì, tí mo ṣàlàyé fún akápò títí ilẹ̀ fi ṣú, Bùọ̀dá ṣì máa bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti orí, ẹnu akápò ló sì máa gba dé etí rẹ̀. Mo tún bi í bóyá ilé náà jẹ́ tiwọn. Ó ní tiwọn ni. Mo máa ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ gbogbo ayálégbé, torí òrùlé kì í ṣe ti ẹni tó ń san owó ilé. Alájàpá kan ní Ring Road tó fẹ́ fi sólà síbi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní owó lọ́wọ́, ó sì ń kánjú. Mo ní kó kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ onílé pé wọ́n lè lu ìṣó mọ́ páànù. Onílé kọ̀. Fóònù kan péré ló ná mi.

Nísinsìnyí ni mo tó lè sọ owó. Mo ní, "Mà, irú iṣẹ́ báyìí máa ń wà láàrin mílíọ̀nù méje sí mẹ́sàn-án." Mo sì dákẹ́. Dídákẹ́ yẹn ṣe pàtàkì, torí bí mo bá tún ń sọ̀rọ̀, ara mi ni mo ń dá lóhùn.

"Há! Mílíọ̀nù mẹ́ta la fọkàn sí o."

Ọ̀pọ̀ ontàjà á bẹ̀rẹ̀ sí í gé owó níbẹ̀. Èmi bi í pé ṣé mílíọ̀nù mẹ́ta yẹn ni gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ná, àbí òun ló wà nílẹ̀ báyìí. Ó ní òun ló ṣẹ́kù nínú owó ilé-ìwé tẹ́ẹ̀mù yìí, àfi ìgbà tí àwọn ọmọ bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án kí òmíràn tó wọlé. Ìyàtọ̀ wà láàrin kí owó má tó àti kí owó má tíì dé. Bó bá jẹ́ pé kò tó, mà á sọ fún un pé ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú yàrá kọ̀ǹpútà àti ọ́fíìsì nìkan.

Ti àsìkò ló kẹ́yìn. Ó ní àwọn fẹ́ ẹ "kíákíá". Gbogbo èèyàn ló ń sọ kíákíá. Mo bi í pé bí ilé-ìwé bá wọlé tí iṣẹ́ kò tíì parí, kí ló máa ṣẹlẹ̀. Ìgbà yẹn ló jẹ́wọ́ pé mẹkáníìkì ti ní ẹ̀ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ ti gbó, pé mílíọ̀nù kan àti igba ẹgbẹ̀rún ni yóò gbà láti tú u palẹ̀ tún ṣe, kí wọ́n sì fún òun lésì kí oṣù keje tó parí. Ọjọ́ tí ọwọ́ wọn kò lè sún nìyẹn. Bí wọ́n bá ti san owó mẹkáníìkì, wọn kò ní ra sólà lọ́dún náà.

Ẹ fi èyí wé ti bàbá kan ní Mọ́níyà tí ilé rẹ̀ ṣì wà ní líńtẹ́ẹ̀lì. Owó ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, òun ló ń pàṣẹ, ó sì mọ ohun tó fẹ́ lò. Ṣùgbọ́n kò tíì sí òrùlé. Mo ní kó pe mí bí káfíńtà bá ti gbé páà sókè, mo sì sọ ọ̀nà tí wáyà máa gbà fún un kí ó lè sọ fún oníṣẹ́ iná rẹ̀. Iye owó tí mo bá kọ fún un lónìí kò ní wúlò nígbà náà.

Ọ̀rọ̀ èmi àti akápò kò gbà ju ìgbà tí èèyàn fi ń jẹun ọ̀sán lọ. Mo ní kó bá mi dá àkókò tí Mọ́mì àti Bùọ̀dá yóò jọ wà lórí Wọ́sáàpù. Houston fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, nítorí náà a fi í sí aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́hùn-ún. Kí ó tó di ìgbà náà, mo fi ojú ewé kan ránṣẹ́: dísù tí wọ́n ń jó lọ́dún, ohun tí wọ́n ń lò láàárín ọjọ́, ìdí tí bátìrì kan fi tó, àti iye owó láti ibì kan sí ibì kan.

Bùọ̀dá béèrè irú bátìrì tó jẹ́, mo ní lítíọ́ọ̀mù, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń bu omi sí. Ó béèrè ẹni tí yóò dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́, mo ní èmi ni, mo sì sọ ọdún tí mo fi ń ṣe onígbọ̀wọ́. Mọ́mì ò bá wa dá sí ọ̀rọ̀ wáàtì. Ohun kan ṣoṣo ló ní, pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wà lórí páànù nígbà tí ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹn gbé iṣẹ́ sí oṣù kẹjọ. Bùọ̀dá ní kí ilé-ìwé san mílíọ̀nù mẹ́ta tó wà nílẹ̀, òun á kó ìyókù wá.

Ìgbà náà ni mo tó wa mọ́tò lọ sí Akóbọ̀. Mo fi míítà onípàńpẹ́ wọn gbogbo rẹ̀: fáànù dín díẹ̀ sí ohun tí akápò kà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi ń fa iná tó lé ní ìlọ́po mẹ́ta bó bá fẹ́ gbéra, nítorí náà mo ní kí wọ́n máa tàn án lẹ́yìn aago méjì ààbọ̀ tí fáànù ti kú. Ínfátà 10 kVA, pánẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún, bátìrì kan, mílíọ̀nù mẹ́jọ ó lé díẹ̀. Ìwé náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Akápò pe mẹkáníìkì pé kó má ra páàtì, ó sì fi owó àkọ́kọ́ ránṣẹ́. Ọjọ́ tó wọlé ni mo pe àwọn oníbátìrì mi ní ọjà Alábá l'Ékòó pé kí wọ́n kó bátìrì sọ́kọ̀.