Tí Wọ́n Bá Gbá Mọ́tò Yín Ní Ìlú Ọba, Ẹ Má Gbà Fún Ẹni Tó Ní "Jẹ́ Ká Parí Ẹ̀ Láàárín Ara Wa"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìlú Ọba tẹ́ ẹ ti ń wa mọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbọ́ èyí. Tí àsídẹ́ǹtì bá ṣẹlẹ̀, ẹ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná tó ń ṣẹ́jú yẹn, tẹ́nì kan bá fara pa tàbí tí mọ́tò bá dí ọ̀nà ẹ pe 999. Ìyẹn ẹ ti mọ̀. Ibi tó ti ń bà jẹ́ fún àwọn èèyàn wa ni ìgbà tí ọkàn bá ti fẹ́ balẹ̀, tẹ́ni tó gbá yín wá rẹ́rìn-ín músẹ́ tó ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ pe inṣọ́ránsì, òun á tún un ṣe.

Bó ṣe ṣe bọ̀bọ́ kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ó dúró lẹ́nu ráńdábáàtì kí àwọn tó ń bọ̀ lápá ọ̀tún kọjá, bó ṣe yẹ kó ṣe, ni mọ́tò kan bá rọ́ lù ú lẹ́yìn, bọ́ńpà já, bóòtù ò ṣí mọ́. Dírẹ́bà yẹn sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ dáadáa, ó ní òun lòun jẹ̀bi, ó fún un ní nọ́ńbà fóònù, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, kálukú bá tiẹ̀ lọ. Fọ́tò tí bọ̀bọ́ yìí ní, ti bọ́ńpà tó já ni, ó sì ti délé kó tó yà á.

Kò pẹ́ kò jìnnà, nọ́ńbà yẹn ò lọ mọ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni lẹ́tà dé látọ̀dọ̀ inṣọ́ránsì ọkùnrin yẹn pé bọ̀bọ́ yìí ló fi rífáàsì gbá oníbàárà àwọn, àti pé èrò kan wà nínú mọ́tò tí ọrùn ń dùn! Èrò wo? Ọkùnrin yẹn nìkan ni bọ̀bọ́ yìí rí nínú mọ́tò. Ṣé ẹ rí i, bọ́ńpà ẹ̀yìn tó já ò lè sọ ẹni tó rìn lu ẹnì kejì, torí bóyá wọ́n gbá ẹ ni o, bóyá ìwọ lo fi ẹ̀yìn gbá wọn, ibì kan náà ló máa já. Ó di ọ̀rọ̀ ẹnì kan sí ti ẹnì kejì, àwọn inṣọ́ránsì méjèèjì bá pín ẹ̀bi sí méjì dọ́gbadọ́gba. Wọ́n yọ owó tí bọ̀bọ́ yìí ti gbà pé òun á fi sílẹ̀ nínú kíléèmù, inṣọ́ránsì ọdún kejì sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, kí mọ́tò kankan tó kúrò lójú kan, ẹ ya fọ́tò! Ẹ kọ́kọ́ ya nọ́ńbà mọ́tò ẹni tó gbá yín, torí ó lè sá. Lẹ́yìn náà ẹ rìn sẹ́yìn díẹ̀ kẹ́ ẹ ya mọ́tò méjèèjì pa pọ̀ pẹ̀lú ìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ lójú títì, kó hàn pé ìdí ìlà lẹ dúró sí. Ẹ ya gíláàsì tó fọ́ sílẹ̀. Ẹ sì ya inú mọ́tò ẹ̀ láti ìta, kí iye èèyàn tó wà níbẹ̀ hàn, èyí nìkan ì bá ti pa ẹnu èrò irọ́ yẹn dé. Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀nà màrosẹ̀ ni, ẹ má dúró ya nǹkan kan o, ẹ gba ilẹ̀kùn òsì jáde kẹ́ ẹ lọ dúró lẹ́yìn irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, fọ́tò ò tó ẹ̀mí.

Tẹ́nì kan bá dúró wòran, ẹ tètè gba nọ́ńbà ẹ̀ kó tó lọ. Tẹ́ ẹ bá ní kámẹ́rà iwájú mọ́tò, ẹ yọ fídíò yẹn pamọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí ó máa ń gba tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnu yín sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí inṣọ́ránsì ṣiṣẹ́ wọn.

Nọ́ńbà fóònù nìkan ò tó o. Òfin ní kí dírẹ́bà kejì fún yín ní orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà mọ́tò, àti orúkọ pẹ̀lú àdírẹ́sì ẹni tó ni mọ́tò tí kì í bá ṣe tiẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ fún un ní tiyín. Ẹ tún béèrè inṣọ́ránsì ẹ̀. Tí ẹ ò bá lè ṣe pàṣípààrọ̀ yẹn níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó ọlọ́pàá létí kíákíá, kó má kọjá wákàtí 24. Tó bá wá hàn pé kò ní inṣọ́ránsì rárá, tàbí tó sá lọ, àjọ àwọn ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì mọ́tò kan tó ń jẹ́ MIB wà tó máa ń sanwó fún irú ẹ̀, àmọ́ ẹ̀rí lẹ máa fi bá wọn sọ̀rọ̀.

Ẹ pe inṣọ́ránsì tiyín náà, kódà tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ gba kọ́bọ̀, torí ìwé tẹ́ ẹ fọwọ́ sí ló ní kẹ́ ẹ sọ. Tí ọrùn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ bá dókítà kó kọ ọ́ sílẹ̀, ọdún 3 lẹ ní láti gbé ọ̀rọ̀ ìfarapa lọ sílé ẹjọ́, àmọ́ ohun tí dókítà kọ lọ́sẹ̀ yẹn ni wọ́n máa béèrè.