Bí "ní gbogbo ìgbà" ṣe jẹ owó mi

10,000 sẹ́fà ni mo san láti forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò yẹn. Mi ò tíì ka owó ọkọ̀ láti Kétu gba Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, mi ò sì ka owó ibi tí mo sùn mọ́jú. Máàkì 12 ni mo gbà nínú 30, 18 sì ni wọ́n ń fẹ́. Èyí tó dùn mí jù ni pé mo mọ ohun tí wọ́n béèrè. Àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké ni wọ́n fi gbé mi ṣánlẹ̀.

Iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní yàrá àyẹ̀wò ni. Gbólóhùn 30 ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní Faransé, kí o sọ bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́. Tí o bá gbà á, o gba máàkì kan. Tí o bá ṣì í, wọ́n á yọ ọ̀kan nínú èyí tí o ti gbà. Tí o bá fi í sílẹ̀, kò sí èrè, kò sí òfò. Èmi ò fi ọ̀kankan sílẹ̀, torí ojú ń kán mi, mo sì rò pé mo gbọ́n. Mo gba 21, mo ṣi 9, ẹ bá mi yọ ọ́.

Wọ́n jẹ́ ká wo ìwé wa lẹ́yìn ìdánwò. Ìbẹ̀ ni mo ti rí i pé méje nínú mẹ́sàn-án tí mo ṣì ló ní "tújúù", ìyẹn ní gbogbo ìgbà, tàbí "jàmẹ́", ìyẹn kò ṣẹlẹ̀ rí, tàbí "tú lé", ìyẹn gbogbo, nínú. Ẹ wo àkọ́kọ́: omi máa ń hó ní dígírì 100 ní gbogbo ìgbà. Mo kọ òótọ́, mi ò tiẹ̀ mí. Ta ni kò mọ̀ ọ́n láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ṣùgbọ́n omi kì í hó àfi ìgbà tí ooru inú rẹ̀ bá lágbára tó láti ti afẹ́fẹ́ tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kúrò. Lórí òkè gíga, afẹ́fẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́ kò pọ̀ tó ti ìsàlẹ̀, nítorí náà ó máa ń tètè hó. Ẹni tó bá gbé omi kaná lórí Kilimanjárò, tó ga tó mítà 5,895, omi rẹ̀ á ti máa hó ní nǹkan bíi dígírì 80. Nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa tí ń súfèé, ó máa kọjá 100 kó tó hó. Tí wọ́n bá ní omi ń hó ní 100 létí òkun, kò sẹ́ni tó máa jà. "Tújúù" ló ba gbólóhùn náà jẹ́.

Mo gbé ìwé náà lọ bá bàbá olùkọ́ kan ládùúgbò wa, tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ka méjì, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, tí mo bá sọ pé ọ̀tá kò wọ Kétu rí, kí lo máa wí?" Mo ní irọ́ ni, Dànhọ̀mẹ̀ kó Kétu ní 1886. "Ẹ̀ẹ̀mélòó lo fẹ́ kí wọ́n kó o kí n tó di òpùrọ́?" Mo ní ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó. "Ó dáa. Odi wa, kòtò wa, Akaba Idena tó jẹ́ ẹnubodè wa, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọdún kan ṣoṣo ti tó láti pa 'rí' tí mo sọ." Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹni tó bá sọ pé gbogbo rẹ̀ ni, ó ti fún ẹ láyè láti fi ẹyọ kan dá a lójú ti.

Mo lọ sílé bí ọba. Mo kó àwọn ìbéèrè àtijọ́ jọ, mo yọ 40 tó ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú, mo kọ irọ́ sí gbogbo wọn láìronú. Mo gba 29, mo ṣi 11. Ó kù sí 18. Kò burú fún ẹni tó pa ojú dé, ṣùgbọ́n 11 tí mo ṣì yẹn dá mi lágara. Ẹ gbà, ọ̀kan rèé: tí o bá ro nọ́ńbà méjì tó ṣeé pín sí méjì dọ́gba pọ̀, ohun tó jáde á máa ṣeé pín sí méjì dọ́gba ní gbogbo ìgbà. Òótọ́ ni. Méjì-méjì ló wà nínú èkíní, méjì-méjì ló wà nínú èkejì, ibo ni ọ̀kan á ti ṣẹ́ kù? Kò síbi tí o máa lọ wá èyí tó máa yọ ọ́ sílẹ̀. Torí náà mo pa àrà mi dà: tí mo bá rí ọ̀rọ̀ náà, màá kọ́kọ́ wá ẹyọ kan tó yàtọ̀. Tí mo bá rí i, irọ́ ni. Tí mi ò bá rí i, tí mo sì mọ ìdí tí kò fi lè sí, òótọ́ ni. Tí mi ò bá mọ ìdí, màá fi í sílẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, ọjọ́ méjì ni. Èyí tó gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi, gbólóhùn kan ṣoṣo ni, mo sì ṣì ń bínú sí i. Faransé fi "tú lé" síwájú, ó wá so "kò" mọ́ ọ̀rọ̀ ìṣe: gbogbo ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú, wọn kò yé ẹyin. Bí mo ṣe kà á nìyẹn. Mo ní, ẹ̀yin aráa wa, ẹ ti dé! Ẹranko kan wà ní Ọsirélíà, ẹnu rẹ̀ dà bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, irun wà lára rẹ̀, ó ń fún ọmọ rẹ̀ lómi ọmú, ó sì ń yé ẹyin. Platipúsì ni orúkọ rẹ̀. Ẹyọ kan ti jáde, irọ́ ni gbólóhùn náà. Mo fi bírò fà á gan-an, tìgbéraga-tìgbéraga.

Ìdáhùn tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé ní òótọ́ ni.

Mo rò pé wọ́n ṣìṣe. Mo bi ẹ̀gbọ́n mi kan, ó ní irọ́ ni. Mo bi ẹlòmíì, ó ní òótọ́ ni. Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kan ara wọn níwájú ilé wa. Bàbá olùkọ́ ló là á yé wa. Ó ní kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, àmọ́ kí n sọ ọ́ lọ́nà méjì. Èkíní: gbogbo ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú kọ́ ló ń yé ẹyin. Èkejì: kò sí ẹranko tó ń fọ́mọ lọ́mú tó ń yé ẹyin. Ewúrẹ́ nìkan ti tó láti mú èkíní jẹ́ òótọ́, torí kò yé ẹyin. Platipúsì nìkan ti tó láti sọ èkejì di irọ́. Ní Yorùbá, "kọ́" ti ya ọ̀nà méjèèjì sọ́tọ̀ kí o tó parí ọ̀rọ̀. Faransé kó o méjèèjì sínú ẹ̀wù kan. Bàbá ní èkíní ni wọ́n sábà máa ń ní lọ́kàn. Tí wọ́n bá fẹ́ sọ pé kò sí rárá, "ókẹ́n" ni wọ́n máa ń lò. Ẹni tó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe, mi ò fẹ́ mọ ẹni náà. Láti ìgbà yẹn, mo máa ń túmọ̀ gbólóhùn sí Yorùbá nínú orí mi kí n tó fọwọ́ kan bírò, pàápàá tí "kò" bá wà nínú rẹ̀.

Mo san 10,000 mìíràn, mo tún gba Pọ́bẹ̀ kọjá. Mo gba 24, mo ṣi 2, mo fi 4 sílẹ̀. 22 nìyẹn. Wọ́n gbà mí. Ọ̀kan nínú méjì tí mo ṣì ní "jàmẹ́" nínú, òótọ́ sì ni. Mi ò rí ẹyọ tó yàtọ̀, mi ò mọ ìdí tí kò fi lè sí, mo sì kọ irọ́. Ẹnu ara mi ló ní kí n fi í sílẹ̀.